Bí ètè tàbí ojú ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bá ṣàdédé wú: ohun tí ẹ ó ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́ àti lẹ́yìn rẹ̀

Apòògùn ni mí, ìbéèrè kan náà sì ni àwọn ènìyàn ń gbé wá sọ́dọ̀ mi lemọ́lemọ́: "Mo jí lóru, mo bá ètè mi tó ti wú bí ẹni tí oyin ta. N kò jẹ ohun tuntun, n kò fi ohunkóhun pa ara. Kí ni kí n lò sí i?" Kí n tó dáhùn, èmi náà a kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ wọn: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wo ni ẹ ń lò? Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ ni lìsìnópírìlì, tàbí ọ̀kan nínú àwọn ẹbí rẹ̀. Ìdílé oògùn yìí dára, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀ àti àìsàn ọkàn, ṣùgbọ́n nínú ara àwọn ènìyàn díẹ̀, ó lè mú kí ètè, ojú, ahọ́n tàbí ọ̀fun wú. Bí ètè nìkan ló wú, ó lè lọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá dé ahọ́n tàbí ọ̀fun, ó lè dí ọ̀nà èémí láàárín wákàtí díẹ̀. Kò sí ẹni tó lè wo ètè tó wú lágogo méjì òru kí ó sì mọ ibi tí wíwú náà yóò dé kí ilẹ̀ tó mọ́, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró nílé máa wò ó.

## Bí wíwú náà bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí

Bí ọ̀rọ̀ bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ ka apá yìí nìkan, kí ẹ sì gbéra. Ẹ lè padà wá ka ìyókù lẹ́yìn náà.

1. Ẹ má ṣe gbé oògùn náà mì mọ́. Bí àkókò láti lò ó bá tilẹ̀ ti tó, ẹ fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé a máa ń kìlọ̀ pé ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀. Ewu tó wà nínú pípa oògùn jẹ lẹ́ẹ̀kan kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewu tó wà nínú fífi òmíràn kún èyí tó ń mú ara wú.

2. Ẹ yẹ ahọ́n àti ohùn wò. Ẹ dúró níwájú dígí, ẹ ya ẹnu, ẹ yọ ahọ́n síta, kí ẹ sì ka iye láti oókan dé ẹ̀wá sókè. Bí ẹ bá rí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn àmì wọ̀nyí, pàjáwìrì ni, ìṣẹ́jú ló sì ṣe pàtàkì:
   - ahọ́n ti wú, tàbí abẹ́ ahọ́n ti ga sókè;
   - ohùn ti yí padà, ó há, tàbí ó ń dún bí ti ẹni tó di iṣu gbígbóná sẹ́nu;
   - itọ́ ń dà nítorí pé ó ṣòro láti gbé e mì;
   - ó ń ṣe yín bíi pé nǹkan há sí ọ̀fun;
   - èémí ń dún fín-ín bí ẹ bá fà á wọlé, tàbí ẹ kò lè sùn sílẹ̀ kí ẹ sì mí dáadáa.

3. Ẹ gbéra lọ sí ilé ìwòsàn tó ní yàrá pàjáwìrì. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ lọ, níbi tí dókítà wà tó lè ki rọ́bà sí ọ̀nà èémí, nítorí pé rọ́bà yẹn gan-an ni ohun tí ẹ lè nílò jù lọ. Ilé ìtọ́jú kékeré àdúgbò kò ní ju pé kó gún yín lábẹ́rẹ́ kí ó sì ní kí ẹ máa lọ sílé. Ní Nàìjíríà, nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112, Èkó sì tún ní 767. Ní Britain, 999. Ní Amẹ́ríkà, 911. Ní Brazil, 192. Níbi tí ọkọ̀ pàjáwìrì kì í ti í tètè dé, kí ẹnìkan fi ọkọ̀ gbé yín lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe wa ọkọ̀ fúnra yín.

4. Ẹ jókòó gangan, kí ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀ gbalaja, ahọ́n tó wú lè ṣubú sẹ́yìn sí ọ̀fun. Bí ẹ bá ní eyín àtọwọ́dá, ẹ yọ ọ́.

5. Ẹ má ṣe jẹ, ẹ má sì mu ohunkóhun. Èyí kan omi gbígbóná, àgbo, epo pupa àti oyin. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ wú kò lè gbé nǹkan mì bó ti yẹ, ohun tí wọ́n bá dà sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

6. Ẹ mú gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, pẹ̀lú páálí wọn. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ojú yín kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì tún ya òmíràn lójú ọ̀nà. Àwòrán méjì tí wákàtí ìgbà tí a yà wọ́n wà lára wọn yóò jẹ́ kí dókítà mọ bí wíwú náà ṣe ń yára tó, ìyẹn sì wúlò fún un ju àlàyé ẹnu lọ.

Bí ètè nìkan ló wú, tí ohùn àti ahọ́n kò sì yí padà, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ lọ ní wákàtí yẹn náà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju pé ẹ ní àyè láti wọ aṣọ àti láti wá páálí oògùn.

## Bí ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá oògùn yín wà nínú ìdílé yìí

Orúkọ tí ilé iṣẹ́ fi ń ta oògùn ló máa ń gbòòrò lójú páálí. Orúkọ tí ẹ ń wá ni èyí tó kéré nísàlẹ̀, tí òǹkà miligíráàmù tẹ̀lé. Ẹ wo lẹ́tà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn orúkọ kékeré yẹn. Bí ó bá parí sí *p, r, i, l*, ìdílé tí à ń sọ ni. Lára wọn ni lìsìnópírìlì, rámípírìlì, ẹnálápírìlì, pẹríndópírìlì àti kápútópírìlì. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ìdílé pírìlì ni n ó máa pè wọ́n.

Ohun méjì ló máa ń fi oògùn náà pamọ́ fún àwọn ènìyàn. Èkíní ni oògùn alápapọ̀: hóró kan lè ní pẹríndópírìlì àti ámílódípíìnì nínú pọ̀, tàbí lìsìnópírìlì pẹ̀lú oògùn tó ń mú ni tọ̀, ẹni tó ń lò ó yóò sì máa sọ pé "oògùn ìtọ̀ ni mò ń lò." Èkejì ni káàdì oògùn tí wọ́n gé níwọ̀n mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ilé ìtajà oògùn, tí orúkọ rẹ̀ sì ti bá ibi tí wọ́n gé kúrò lọ. Bí ẹ bá ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́nà yìí, ẹ ní kí olùtajà kọ orúkọ àti ìwọ̀n rẹ̀ sórí ìwé fún yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bákan náà ni kí ẹ ṣe bí ọmọ yín bá fi oògùn ránṣẹ́ láti London tàbí Houston: ẹ má ṣe kó hóró wọn jáde sínú ìgò mìíràn kí ẹ sì da páálí nù.

Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò sí nínú ìdílé pírìlì pọ̀. Ámílódípíìnì àti nìfẹ́dípíìnì kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí orúkọ wọn parí sí "sátáànì", bíi lòsátáànì àti tẹlimisátáànì.

## Ìdí tí oògùn aléjì kò fi ń ràn án

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí pé òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà.

Nígbà tí ara kan bá kórìíra edé, ẹ̀pà tàbí oró oyin, èròjà kan tó ń jẹ́ hísítamíìnì ló máa ń tú jáde. Òun ló ń mú ara yún, òun ló ń mú ara sú. Píritọ́ọ̀nù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dí hísítamíìnì lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ fún aléjì.

Wíwú tí ìdílé pírìlì ń fà kò ti ọ̀dọ̀ hísítamíìnì wá. Èròjà mìíràn ló fà á, èyí tí wọ́n ń pè ní bírádíkáníìnì, tó máa ń mú kí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín là, kí omi sì jò láti inú wọn sínú ẹran ara. Ara máa ń ṣe díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ́ńsáìmù kan sì wà tó ń gé e wẹ́wẹ́ kí ó má bàa pọ̀ jù. Ẹ́ńsáìmù yẹn gan-an ni oògùn ìdílé pírìlì ń so lọ́wọ́, nítorí pé òun kan náà ló tún ń ṣe èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. Nítorí náà, oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ń jẹ́ kí bírádíkáníìnì pọ̀ sí i. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn máa ń bá a gé èyí tó ṣẹ́kù, kò sì ní sí wàhálà. Lára àwọn díẹ̀ tí àwọn ẹ́ńsáìmù yòókù kò lágbára tó, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jò sí ibi tí ẹran ara ti rọ̀ jù lọ, èyí tí í ṣe ètè, ìpéǹpéjú, ahọ́n àti ọ̀fun.

Ẹni tó bá lo Píritọ́ọ̀nù fún irú wíwú yìí dà bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn iwájú pa nígbà tí àgbàrá ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Láti inú àlàyé yìí náà ni ẹ ti lè rí i pé dídín ìwọ̀n oògùn kù láti miligíráàmù mẹ́wàá sí márùn-ún kì í ṣe àtúnṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni pípààrọ̀ lìsìnópírìlì sí rámípírìlì kì í ṣe àtúnṣe, nítorí pé ẹ́ńsáìmù kan náà ni gbogbo wọn ń so lọ́wọ́. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ tí wọ́n sì ń lo fílídágílípítíìnì tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú oògùn ìdílé pírìlì ní láti ṣọ́ra sí i, torí pé oògùn àtọ̀gbẹ yẹn ń dí ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńsáìmù tó yẹ kó ran ara lọ́wọ́.

Báwo ló ṣe ṣọ̀wọ́n tó? Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, ALLHAT, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002, nǹkan bí ènìyàn mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún tó lo lìsìnópírìlì ló ní irú wíwú yìí. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ó jẹ́ nǹkan bí méje nínú ẹgbẹ̀rún. Ó túmọ̀ sí pé èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń lò ó kò ní rí i láéláé, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí oògùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún dáadáa ka èyí kí ó sì dà á nù. Ṣùgbọ́n ó tún túmọ̀ sí pé àwa aláwọ̀ dúdú ni ó ń kàn jù. Nítorí èyí ni ìlànà ìtọ́jú ti NICE ní Britain fi gba àwọn dókítà nímọ̀ràn pé bí ẹni tó wá láti ìran Áfíríkà tàbí Kàríbíànì bá nílò irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n ronú lórí ìdílé sátáànì ṣáájú ìdílé pírìlì. Ewu náà tún ga sí i lára àwọn tó ń mu sìgá àti àwọn tí ara wọn ti ṣàdédé wú báyìí rí.

## Ẹ wo bí ó ṣe máa ń tan ni jẹ

Àpẹẹrẹ kan rèé, tí mo fi bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe sábà máa ń rí ṣe. Kì í ṣe ìtàn ẹnìkan pàtó.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan wà ní Ìbàdàn, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, tó ti ń lo lìsìnópírìlì miligíráàmù mẹ́wàá lálaalẹ́ fún oṣù mẹ́rìnlá láìsí wàhálà. Ní òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó jí, ó sì rí i pé apá ọ̀tún ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú. Kò yún un, kò dùn ún, ara rẹ̀ kò sì sú. Ó rántí pé òun jẹ ẹ̀gúsí tó ní edé lálẹ́, ó sì lo Píritọ́ọ̀nù méjì. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́bọ̀, ètè rẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà. Ó parí èrò sí pé edé ni, pé Píritọ́ọ̀nù sì ti ṣiṣẹ́. Kò jẹ edé mọ́, ṣùgbọ́n kò dá lìsìnópírìlì dúró.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé wíwú bírádíkáníìnì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, yálà ènìyàn lo nǹkan sí i tàbí kò lò ó. Píritọ́ọ̀nù kò ṣe nǹkan kan, ó kàn wà níbẹ̀ nígbà tí wíwú ń lọ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì wú. Kò jẹ edé rárá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹnìkan ní kòkòrò ló ta á, òmíràn ní àsasí ni. Píritọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún lọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí i, ní agogo mẹ́rin ìdájí, ahọ́n ló wú. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́, itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló tan ìyá yìí jẹ, àwọn kan náà ló sì ń tan ọ̀pọ̀ dókítà jẹ. Oògùn náà ti pẹ́ lára rẹ̀, ó sì rò pé oògùn tí kò ṣe nǹkan fún ọdún kan kò lè ṣe nǹkan mọ́. Bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni pé ó máa ń wọ́pọ̀ jù ní ọ̀sẹ̀ àti oṣù àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Lójoojúmọ́ ló ń lo oògùn náà, wíwú náà sì wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àlàfo ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí náà kò so wọ́n pọ̀. Ó tún lọ fúnra rẹ̀, èyí sì fún un ní ìfọkànbalẹ̀ tí kò ní ìpìlẹ̀. Bí wíwú àkọ́kọ́ bá jẹ́ ti ètè nìkan, ìyẹn kò fi hàn pé èyí tó ń bọ̀ yóò mọ níbẹ̀.

## Àwọn wíwú mìíràn tí ẹ lè ṣì mú fún un

- Aléjì oúnjẹ tàbí oró kòkòrò. Ara máa ń yún, ó máa ń sú, ó sì sábà máa ń yá: láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí méjì lẹ́yìn ohun tó fà á. Èyí náà lè pa ènìyàn. Bí ẹ bá ní abẹ́rẹ́ adirẹnálíìnì nílé fún irú aléjì bẹ́ẹ̀, tí ẹ kò sì mọ èwo ni èyí nínú méjèèjì, ẹ lò ó, kí ẹ sì máa lọ sí ilé ìwòsàn.
- Eyín tó kẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń gbóná, ó máa ń dunni gan-an, ibà sì lè wà níbẹ̀. Wíwú pírìlì kì í gbóná, kì í sì í dunni púpọ̀. Ó kàn máa ń fà, á sì le ni.
- Àìsàn kíndìnrín. Ìpéǹpéjú méjèèjì ló máa ń wú láàárọ̀, ẹsẹ̀ náà máa ń wú, ó sì ń wá díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Wíwú pírìlì sábà máa ń mú ẹ̀gbẹ́ kan ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, wákàtí ló sì fi ń wá.
- Ọrùn ẹsẹ̀ tó wú lára ẹni tó ń lo ámílódípíìnì. Èyí wọ́pọ̀, kì í ṣe pàjáwìrì, kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ètè. Ẹ sọ fún dókítà nígbà tí ẹ bá tún lọ rí i.

Ọ̀kan tún wà tí kì í hàn lójú rárá. Nígbà mìíràn, ìfun ni ó máa ń wú. Inú á máa run ènìyàn kíkankíkan, yóò máa bì, ó sì lè máa yàgbẹ́ gbuuru, á sì lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́yìn náà á tún padà wá. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn kan rí nítorí èyí láìsí ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Bí irú inú rírun yìí bá ń padà wá sọ́dọ̀ yín tí ẹ sì ń lo oògùn ìdílé pírìlì, ẹ dárúkọ oògùn náà fún dókítà kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ.

## Ohun tí ẹ ó sọ ní yàrá pàjáwìrì, àti ohun tí ẹ ó máa rí

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ jẹ lálẹ́. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà: "Ojú mi ń wú láti agogo méjì òru. Lìsìnópírìlì ni mò ń lò. Ara kò yún mi, kò sì sú. Ohùn mi ti ń yí padà." Bí ohùn yín kò bá yí, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ náà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń ṣòro láti sọ, ẹ ti kọ ọ́ sórí fóònù láti ilé, kí ẹ nà án sí wọn.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gún yín ní adirẹnálíìnì, háídírókọ́tísóònù àti oògùn aléjì. Wọn kò ṣe àṣìṣe, nítorí pé kì í rọrùn láti ya aléjì sọ́tọ̀ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin àti ẹni tó bá yín lọ mọ̀ pé oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí kì í sábà ṣe púpọ̀ fún wíwú bírádíkáníìnì. Bí wákàtí kan bá kọjá tí kò sì sí àyípadà, àmì nìyẹn pé kì í ṣe aléjì, kì í ṣe àmì pé kí wọ́n tún fún yín ní irú kan náà sí i nìkan.

Ohun tó ń gba ẹ̀mí là ni ṣíṣọ́ ọ̀nà èémí. Bí ètè nìkan ló wú, wọ́n lè máa ṣọ́ yín fún wákàtí díẹ̀ títí wọn yóò fi rí i pé kò pọ̀ sí i mọ́. Bí ahọ́n tàbí ọ̀fun bá ti wọ̀ ọ́, wọ́n ní láti gba yín sílé ìwòsàn, kí wọ́n sì pe dókítà akunnilóorun, ẹni tó mọ bí a ṣe ń ki rọ́bà sí ọ̀nà èémí tó há. Ó sàn kí wọ́n kì í nígbà tí àyè ṣì wà ju pé kí wọ́n dúró títí ọ̀fun yóò fi dí, nítorí pé ní àkókò yẹn, iwájú ọrùn ni wọ́n ní láti là láti wá ọ̀nà fún afẹ́fẹ́. Nítorí náà, bí dókítà bá ní òun fẹ́ ki rọ́bà nígbà tí aláìsàn ṣì ń mí, kí ẹbí má ṣe bá a jà.

Oògùn kan wà tó ń dí bírádíkáníìnì lọ́wọ́ tààrà, ìkátíbáńtì ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n gan-an, àbájáde àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ fún wíwú pírìlì kò sì dọ́gba. Àwọn dókítà mìíràn máa ń fa omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mú kúrò nínú yìnyín sí aláìsàn lára, èyí tí wọ́n ń pè ní pílásímà, torí pé ẹ́ńsáìmù tí oògùn so lọ́wọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ lè béèrè nípa rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó ní ilé ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀.

Ní ti ìyá inú àpẹẹrẹ wa, abẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yí nǹkan padà. Wọ́n gba imú ki rọ́bà fún un, ó wà lórí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì títí ahọ́n fi wálẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́.

## Lẹ́yìn tí wíwú bá ti lọ

1. Kò sí oògùn ìdílé pírìlì mọ́ láéláé. Kì í ṣe lìsìnópírìlì nìkan, gbogbo ẹbí rẹ̀ ni. Ẹ kó èyí tó kù nílé jáde, kí ẹ má sì fún aládùúgbò tí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ń ru.

2. Ẹ gba oògùn mìíràn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yóò tún ru bí ẹ bá jókòó láìlo nǹkan kan. Ámílódípíìnì tàbí oògùn tó ń mú ni tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò, wọn kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú bírádíkáníìnì. Ọ̀pọ̀ àwọn tí pírìlì mú wú ló lè lo ìdílé sátáànì láìsí ìṣòro, ṣùgbọ́n ó máa ń mú àwọn díẹ̀ wú, nítorí náà dókítà ni kí ó pinnu rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ nítorí àìlera ọkàn tàbí kíndìnrín ni wọ́n fi kọ pírìlì fún yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ju ọjọ́ kan sí méjì lọ kí ẹ tó rí dókítà náà.

3. Ẹ ṣọ́ra fún oògùn ọkàn alápapọ̀ tó ní sákúbítírìlì nínú. Ẹni tí pírìlì ti mú wú rí kò gbọdọ̀ lò ó. Kódà ẹni tí kò wú rí, bí ó bá ń kúrò lórí pírìlì bọ́ sórí rẹ̀, wákàtí mẹ́rìndínlógójì gbọ́dọ̀ wà láàárín méjèèjì.

4. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ oògùn náà, ohun tó fà àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ sínú fáìlì yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí káàdì kékeré kan sínú àpò owó. Ẹ sọ ọ́ fún oníṣègùn eyín àti fún dókítà akunnilóorun ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ní Nàìjíríà, apòògùn tàbí dókítà lè bá yín fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí NAFDAC. Ní Britain, ẹ̀yin fúnra yín lè fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ ètò Káàdì Yẹ́lò.

5. Ẹ máa ṣọ́ ara yín fún oṣù díẹ̀. Wíwú kékeré lè tún yọ lẹ́yìn tí ẹ ti fi oògùn sílẹ̀, pàápàá jù lọ ní oṣù àkọ́kọ́. Ìyá inú àpẹẹrẹ wa rí i ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tó ti wà lórí ámílódípíìnì, ó sì fẹ́ dá ìyẹn náà dúró. Kò yẹ bẹ́ẹ̀: ó padà lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ahọ́n àti ohùn rẹ̀ wò, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa lo oògùn tuntun náà lọ. Bí ó bá ṣì ń yọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí pírìlì kankan kò ti kan ẹnu yín, tí ẹ sì ti yẹ gbogbo oògùn alápapọ̀ inú ilé wò, ẹ sọ fún dókítà kí ó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní síì-fọ́ọ̀, èyí tó máa ń wálẹ̀ lára àwọn tó ní àìsàn wíwú àjogúnbá.